Kí Ló Máa San Owó Ṣọ́ọ̀bù Nígbà Tí Oníbàárà Bá Dínkù? Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Oníṣẹ́ Ẹwà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ ẹwà, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú àpérò. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ojú fún ìyàwó, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú èékánná àti awọ ara, ẹ̀yin tí ẹ ń gẹ irun, gbogbo yín pátá ni mo kí. Alága, mo dúpẹ́ fún ìpè yìí.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù tí iṣẹ́ yín pọ̀ jù lọ, tí ẹ kò ráyè jókòó, ta ló rántí iye tó wọlé? Ó dáa, mo rí ọwọ́ yín. Nínú oṣù tí ṣọ́ọ̀bù dá jù lọ ńkọ́? Ẹ wò ó, ọwọ́ ti wálẹ̀. Oṣù tí a kì í fẹ́ rántí yẹn gan-an ni mo bá wá.

Iṣẹ́ wa ní àkókò. Ìgbà ìgbéyàwó, ìgbà ọdún, ìgbà ìsinmi, owó á máa ya wọlé. Tí ọdún bá parí, tí kálukú ti náwó tán, oníbàárà kò ní sọ pé òun ò wá mọ́. Á kàn máa pẹ́ sí i kó tó padà wá. Ẹni tó ń wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin á di ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà á di ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ kò pàdánù oníbàárà kankan, síbẹ̀ owó ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta, dín. Ṣé onílé á torí ìyẹn fi ọ̀sẹ̀ méjì kún oṣù? Ṣé ọmọ iṣẹ́ á gbà kí owó oṣù òun dín? Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Owó tó ń wọlé ń lọ sókè sódò, owó tó ń jáde kò kúrò lójú kan.

Ẹnu iṣẹ́ ìwé owó ni mo wà, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ẹwà jókòó ti ìwé wọn. Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ sọ. Èkíní, báwo ni a ṣe ń mọ iye tó yẹ kí owó ìpamọ́ jẹ́. Èkejì, owó wo ló wà lọ́wọ́ wa tí kì í ṣe tiwa. Ẹ̀kẹta, báwo ni a ṣe ń kó o pamọ́, tí a sì ń mú un jáde.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ẹ wọn kòtò kí ẹ tó máa dí i

Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé kí oníṣòwò tọ́jú owó ìnáwó oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, àmọ́ kò wọn ti ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹlòmíràn á gbọ́ iye yẹn, ẹ̀rù á bà á, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹlòmíràn á tọ́jú rẹ̀ tán, kò sì ní tó o. Nínú iṣẹ́ tó ní àkókò, ohun tí a ń wọn ni kòtò: nínú àwọn oṣù tó dá, èló ni owó tó wọlé fi kéré sí owó tó jáde?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan wà tó ń dìrí, tó sì ń ṣe ojú. Mi ò ní sọ irú owó tó ń ná, kí olúkúlùkù fi owó tirẹ̀ sí i. Lóṣooṣù, iṣẹ́ wà tàbí kò sí, owó ṣọ́ọ̀bù gba 20, owó oṣù ọmọ iṣẹ́ gba 20, iná, omi àti fóònù gba 5, owó oṣù tirẹ̀ fúnra rẹ̀ gba 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo owó oṣù tirẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá kọ owó oṣù ara rẹ̀ sílẹ̀ yóò máa mú un láti inú dúrọ́ọ̀ láìmọ iye rẹ̀, ìṣirò náà á sì wọ́ láti ìpìlẹ̀.

Lẹ́yìn 60 yìí, ọjà tó ń lò wà níbẹ̀: irun, ìpara, àwọ̀ irun, atíkè. Nínú 100 tó bá wọlé, ọjà ń gba 20, ó ku 80. A wá bi ara wa pé èló ló gbọ́dọ̀ wọlé lóṣù kí 60 yẹn tó lè jáde? Ẹ pín 60 sí 0.8, ẹ ó rí 75. Oṣù tó bá wọlé ju 75 lọ ní àjẹṣẹ́kù. Èyí tí kò bá tó 75 ti wọ inú kòtò, kódà bí ṣọ́ọ̀bù bá dà bí èyí tó kún.

Ẹ wá wo oṣù méjìlá rẹ̀. Oṣù kìíní mú 45 wọlé, oṣù kejì 50, oṣù kẹta 60. Nígbà tó di oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, iṣẹ́ gbérí, 90 àti 90. Ìkẹfà 80, ìkeje 75, ìkẹjọ 70, ìkẹsàn-án 75. Ìkẹwàá 100, ìkọkànlá 130, ìkejìlá 155. Ọdún yẹn, 1,020 ló wọlé. Tí a bá yọ owó ọjà, ó ku 816. Ìnáwó ọdún jẹ́ 720. Èrè 96 ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin yìí ń jèrè! Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún rẹ̀. Ní oṣù kìíní, 36 ló kù nínú 45, bẹ́ẹ̀ 60 ló gbọ́dọ̀ jáde, ó ku 24 kó pé. Oṣù kejì ku 20. Oṣù kẹta ku 12. Àpapọ̀ kòtò oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 56.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú wa nìyẹn. Iṣẹ́ wa ń jèrè lọ́dún, a sì ń yáwó ní oṣù kejì. Gbèsè yẹn kò wá láti inú àìmọ̀ọ́ṣe. Èrè wà lóòótọ́, ó kàn wọlé ní oṣù tí a kò nílò rẹ̀ ni, a sì ti ná an kí oṣù tí a nílò rẹ̀ tó dé.

Ṣé 56 ni ká wá pamọ́? Rárá o. Ọdún tó ń bọ̀ lè le ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ ká dín owó oṣù mẹ́ta yẹn kù ní ìdá márùn-ún, ìyẹn ni pé nínú oníbàárà márùn-ún, ẹnì kan kò wá. Kòtò oṣù kìíní á di 31 àti díẹ̀, ti ìkejì á di 28, ti ìkẹta á di bíi 22. Àpapọ̀ rẹ̀ á di 81. Ṣé ẹ rí i? Owó tó ń wọlé fi ìdá márùn-ún péré dín, kòtò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì jìn sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé owó ṣọ́ọ̀bù kò bá oníbàárà dínkù. Èmi gbà pé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò rèé: wọ́n ń fi ọdún tó kọjá wọn ọdún tó ń bọ̀ láìfi àyè kankan sílẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Oṣù kẹrin tí iṣẹ́ á gbérí, ìgbà wo lẹ máa ra ọjà rẹ̀? Ní oṣù kẹta ni, nígbà tí àpò gbẹ jù lọ. Ọjà oṣù kẹrin jẹ́ 18, ti oṣù kìíní tí ẹ ti rà ní oṣù kejìlá jẹ́ 9. Ẹni tó bá ń ra ọjà ní oṣù kan ṣáájú yóò nílò bíi 9 sí i láàárín oṣù mẹ́ta náà. Mo ti rí ẹni tó la oṣù mẹ́ta ọ̀dá já, tí àkókò iṣẹ́ wá dé, tí kò sí irun nínú ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà rẹ̀ sì bá ẹlòmíràn lọ. Ẹ fi 9 kún 81, ó di 90. Òun ni owó ìpamọ́ obìnrin yìí. Ìnáwó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ń sọ ì bá jẹ́ 180, ìlọ́po méjì ohun tó nílò.

Tí ẹ bá ní ìgbà ọ̀dá méjì lọ́dún, ẹ má kàn ro kòtò méjèèjì pọ̀. Ẹ wo àárín wọn. Tí àjẹṣẹ́kù àárín bá lè dí ti àkọ́kọ́ padà kí ìkejì tó dé, èyí tó jìn jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Tí kò bá lè dí i, ẹ fi ohun tó ṣẹ́kù kún un.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba òótọ́ kan lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ro ọdún pọ̀, tí ohun tó kù lẹ́yìn owó ọjà kò tó ìnáwó ọdún, owó ìpamọ́ kò lè wo ìyẹn sàn. Iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà ló kéré, tàbí ṣọ́ọ̀bù ló wọ́n ju iṣẹ́ lọ. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Ọ̀rọ̀ kejì: owó tó wà lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe tiyín

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ojú ìyàwó pè mí ní oṣù tó dá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dá ò mú mi lọ́dún yìí, 70 wà nínú àkáǹtì mi." Mo ní kó mú ìwé ìpàdé rẹ̀ wá, ìwé tó ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí. A ṣí i. Àwọn ìyàwó tí wọ́n ti san ìdajì owó sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀ wà níbẹ̀, owó wọn jẹ́ 28. Owó orí tó yẹ kó san jẹ́ 12. Ó jẹ ẹni tó ń ta atíkè fún un ní 9. Kí ló kù? 21. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Mo ti fẹ́ fi 40 ra àga tuntun o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àsansílẹ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́, títí ẹ ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Tí ìyàwó bá sún ọjọ́ síwájú ńkọ́? Tí ara yín kò bá yá lọ́jọ́ náà ńkọ́? Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, lọ́jọ́ iṣẹ́ ẹ ó ra ọjà, ẹ ó wọ ọkọ̀, ẹ ó san owó ẹni tó bá yín ṣe é, ìdajì tó kù nìkan ni ẹ ó sì gbà. Ẹni tó bá fi àsansílẹ̀ jẹun ní oṣù tó dá, yóò ṣiṣẹ́ ní oṣù tó kún, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣófo.

Nítorí náà, ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún àsansílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ gbé owó ẹni yẹn sínú ti ìnáwó. Ọ̀nà láti yẹ ara yín wò kò le: ká ní gbogbo ẹni tó sanwó sílẹ̀ pè lónìí pé kí ẹ dá owó àwọn padà, ṣé ẹ lè dá a padà láìfọwọ́ kan owó ṣọ́ọ̀bù? Tí ẹ kò bá lè dá a, ẹ ti ń jẹ oṣù tó ń bọ̀.

Ohun kan náà ni fún ìtọ́jú tí a ń tà lẹ́ẹ̀kan, irú kí èèyàn san owó ìtọ́jú mẹ́wàá pọ̀ kó sì gba àdínkù. Ó máa ń dùn mọ́ wa ní oṣù tó dá, nítorí owó á wọlé gbà-á. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n máa wá lò ó? Tí ẹ kò bá sọ ìgbà kankan, oṣù tó kún ni gbogbo wọn á wá, wọ́n á gba àga lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ san owó pípé. Tí ẹ bá máa tà á, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀ pé oṣù tó dá, tàbí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù kì í kún láàárín ọ̀sẹ̀, ni wọ́n lè lò ó. Nígbà náà ló tó ràn yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta: kíkó o pamọ́, àti mímú un jáde

Àwọn àgbà ní, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọn kò sọ pé kó dúró di ìgbà tó bá ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ń dúró de ìparí oṣù kó tó pamọ́ kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Alaalẹ́, tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni kí ẹ ti máa yọ ọ́ nínú owó tó wọlé.

Iye tí ẹ ó yọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà jálẹ̀ ọdún. Obìnrin wa yìí lè yọ 10 nínú 100 ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún. Ìyẹn jẹ́ 18. Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án kò ní yọ ohunkóhun, oṣù kẹjọ tilẹ̀ máa mú 4 nínú rẹ̀, ó ku 14. Ní oṣù kẹwàá, kó yọ 15 nínú 100. Ní ìkọkànlá, 20. Ní ìkejìlá, 25. Ìyẹn á mú 15, 26 àti bíi 39 wá. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ 14, ó jẹ́ 94. Ó ti kọjá 90, bẹ́ẹ̀ kò sí oṣù kankan tó yọ ju àjẹṣẹ́kù oṣù náà lọ. Ohun tó tún kù nínú àjẹṣẹ́kù ọdún ló máa fi san owó orí, tó sì máa fi tún ẹ̀rọ ìgbẹrun ṣe. Ẹ fi ti owó orí síbi ọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibo ni kí ẹ kó o sí? Inú àkáǹtì tí káàdì kò sí fún, tí ẹ kò sì fi ń gba owó oníbàárà. Kó ṣeé mú láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, kó má sì ṣeé mú ní ìdúró. Ẹ má kó o sínú ohun tí iye rẹ̀ lè já lulẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

Ẹ má sì fi ọjà pa á mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé, "Èmi, ọjà ni mo fi ń tọ́jú owó." Ẹ mú agolo ìpara kan, ẹ yí i padà. Ẹ ó rí àwòrán agolo kékeré tí ìdérí rẹ̀ ṣí, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sínú rẹ̀. Oṣù tó lè lò lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i nìyẹn. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí pàápàá ń darúgbó lórí pẹpẹ. Àwọ̀ irun tí ayé ń béèrè lónìí lè má wu ẹnikẹ́ni lọ́dún tó ń bọ̀. Ní oṣù kejì, ṣé onílé á gba agolo ìpara? Ọjà àkókò kan ni kí ẹ rà, kí ìyókù jẹ́ owó.

Mímú un jáde wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ owó ìpamọ́ ti ń kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù tó dá, ẹ gbé iye tí ẹ ti ṣírò fún oṣù náà sínú àkáǹtì ìnáwó: 31 fún ti àkọ́kọ́, 28 fún ìkejì, 22 fún ìkẹta, kí 9 ti ọjà tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ má máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí nǹkan ṣe ń wù yín. Tí oṣù bá parí tí ó ṣẹ́kù, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá rí i pé 31 tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ti mọ̀ ní oṣù kìíní pé ọ̀dá ọdún yìí ju ti ìṣirò lọ, ẹ sì ṣì ní àyè láti bá onílé sọ̀rọ̀ tàbí dín wákàtí iṣẹ́ kù. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní ìparí oṣù kẹta.

Owó oṣù yín ńkọ́? 15 ni ní oṣù kìíní, 15 náà ni ní oṣù kejìlá. Mo mọ̀ pé ó le. Èèyàn ṣiṣẹ́ títí di òru, ó rí 155, kó wá gba 15? Ẹ gbọ́, ẹ kò ṣe é fún ẹlòmíràn, owó oṣù kejì yín ni ẹ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá. Lẹ́yìn tí owó ìpamọ́ bá ti pé, tí owó orí sì ti wà níbi tó yẹ, ẹ lè pín nínú èyí tó kù fún ara yín. Ó tọ́ sí yín.

Ìyá kan bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Inú ọ̀dá ni mo wà báyìí, mi ò ní kọ́bọ̀, kí ni kí n ṣe?" Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí ní ìbéèrè kan náà lọ́kàn. Ẹ má fi 90 ṣe ìlépa ọdún àkọ́kọ́. Ẹ lépa kòtò oṣù kan ṣoṣo, èyí tó jìn jù, 31 fún obìnrin wa yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní báyìí ná, ọjà iṣẹ́ tí ẹ ti ní orúkọ ẹni tó fẹ́ ẹ nìkan ni kí ẹ rà. Ẹ lọ bá onílé kí ọjọ́ owó tó pé, ẹ bi í bóyá á gbà kí ẹ san owó oṣù méjì tó dá ní ìdajì, kí ẹ sì san ìyókù ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá. Ẹ mú ìwé owó oṣù méjìlá yín dání lọ. Onílé tó bá rí i pé owó máa wọlé, tó sì rí oṣù tó máa wọlé, rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ ju ẹni tí a kàn ń bẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, ẹ ṣí ìwé ìpàdé yín, tàbí kí ẹ ka iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Kò ní pé pérépéré, àmọ́ á fi ibi tí kòtò wà hàn yín.

A ti pín ìwé funfun àti bírò. Ẹ fa ìlà méjìlá, ẹ kọ owó tó wọlé ní oṣù kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ kọ ìnáwó tí kò yẹ̀ sísàlẹ̀. Ìdajì wákàtí la ní, màá máa rìn yí ká láti bá yín wò ó. Ẹni tó bá ti rí oṣù tó wà lábẹ́ òṣùwọ̀n tirẹ̀, kó nawọ́ sókè.